Ta Ni Ó Jẹ Gbèsè: Ẹ̀yin Ni Àbí Iṣẹ́ Yín?

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó yá owó tí kò san án lè jí ní òwúrọ̀ kí ó bá àlejò tí kò pè ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ológò ni wọ́n ń pe àlejò náà. Àlùfáà Samuel Johnson sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ lórí ìtàn àwọn Yorùbá, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ayánilówó ni ó máa ń rán ológò wá. Yóò jókòó ti onígbèsè, yóò máa dà á láàmú, yóò máa mú adìẹ àti ẹran ọ̀sìn tí ó bá bá nínú ọgbà pa jẹ, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Báyìí ni gbèsè ẹnìkan ṣe ń di wàhálà gbogbo agbo ilé.

Ológò ti di ìtàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa: a ṣì ń sọ pé a fi nǹkan dógò. Ohun tí ó sì mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tàbí òwò kékeré lóde òní ń fi ilé àti ohun ìní ìdílé wọn dógò láìmọ̀. Wọ́n gbà pé gbèsè iṣẹ́ ni wọ́n jẹ, nítorí pé iṣẹ́ ni wọ́n fi owó náà ṣe. Òfin kì í wo ohun tí a fi owó ṣe. Ìwé tí a buwọ́ lù ni ó ń wò.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, pẹ̀lú àṣẹ wọn. Ilé búrẹ́dì ni wọ́n ní ní Ìbàdàn. Mo ti jókòó tì wọ́n lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìwé ìṣirò wọn níwájú wa, àwọn iye owó tí ẹ ó rí nísàlẹ̀ yìí sì jẹ́ ti inú ìwé náà.

Owó kan, iṣẹ́ méjì

Ní ọdún 2022, ẹ̀gbọ́n mi nílò ààrò tuntun. Náírà 3,000,000 ni wọ́n dá lé e. Ní àkókò kan náà, owó ilé ìwé àwọn ọmọ mẹ́ta ti tó san, ó sì jẹ́ 600,000. Wọ́n lọ sí báǹkì kan, wọ́n yá 3,600,000 lápapọ̀. Èlé rẹ̀ jẹ́ náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, tí wọ́n ń ṣírò lórí gbogbo ojú owó títí oṣù méjìlá yóò fi pé. Èlé náà jẹ́ 1,296,000, gbogbo gbèsè wá di 4,896,000, wọn yóò sì máa san 408,000 lóṣù.

Orúkọ ara wọn ni wọ́n fi yá a. Ìwé ilé tí wọ́n ń gbé ni wọ́n fi dógò. Ọkọ wọn, tí ó jẹ́ olùkọ́, ni ó ṣe onídùúró.

Èrè ilé búrẹ́dì nígbà náà, lẹ́yìn owó fúláwà, ṣúgà, dísẹ̀lì àti owó àwọn òṣìṣẹ́, jẹ́ nǹkan bí 430,000 lóṣù. Ó dà bí ẹni pé ó tó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pín sísan náà sí méjì. Nínú 408,000 náà, 340,000 ni ti ààrò, 68,000 sì ni ti owó ilé ìwé. Ààrò ń yan búrẹ́dì lójoojúmọ́, ó ń pa owó tí wọn yóò fi san tirẹ̀. Owó ilé ìwé kò pa kọ́bọ̀ kan fún ilé búrẹ́dì. Sáà kan ṣoṣo ni ó sì wà fún, nígbà tí gbèsè rẹ̀ yóò wà nílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, pẹ̀lú ilé tí a ń gbé gẹ́gẹ́ bí ìdógò rẹ̀. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lóṣù jẹ́ 22,000, wọ́n sì ní láti jẹun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú nínú owó fúláwà.

Ní oṣù kẹrin, iye owó fúláwà lọ sókè, èrè sì já wálẹ̀ sí 290,000. Oṣù méjì tẹ̀ lé ara wọn tí sísan kò pé: 118,000 ni ó dín ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó yá, ẹ̀gbọ́n mi gba àtẹ̀ránṣẹ́ lórí fóònù. Báǹkì mìíràn ni ó ti wá, èyí tí wọ́n ń tọ́jú owó ilé ìwé sáà tí ó ń bọ̀ sí. Wọ́n ti yọ gbogbo 190,000 tí ó wà níbẹ̀.

“Mo rò pé olè ni,” ni wọ́n sọ fún mi. “Mo sáré lọ sí báǹkì kejì yẹn láti lọ jà. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kàn ní kí n lọ ka ìwé tí mo buwọ́ lù níbi tí mo ti yá owó.”

Kì í ṣe olè. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó ń jẹ́ kí báǹkì tí a jẹ ní gbèsè lè gba owó rẹ̀ nínú àwọn àkáǹtì mìíràn tí onígbèsè ní, ní báǹkì yòówù kí wọ́n wà, nípasẹ̀ nọ́mbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní BVN. Lórúkọ, GSI ni ètò náà ń jẹ́. Ojú owó àti èlé nìkan ni ó wà fún, kò sí fún owó ìtanràn. Onígbèsè gbọ́dọ̀ ti buwọ́ lu ìwé àṣẹ rẹ̀ kí ó tó gba owó náà, ṣùgbọ́n àárín àwọn ìwé ẹ̀yáwó ni ìwé àṣẹ náà máa ń wà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà á.

Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ní fún ilé, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní fún búrẹ́dì. Wọ́n gbà pé ìyẹn ni à ń pè ní ìpínyà. Àkáǹtì méjì dára fún ìṣirò, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ ẹnìkan náà ni ó ni méjèèjì, àpò méjì lára ẹ̀wù kan ni wọ́n. Ibi mẹ́ta ni ìpínyà tòótọ́ wà: orúkọ ẹni tí ó yá owó, ohun tí a fi dógò, àti ẹni tí ó ṣe onídùúró.

Orúkọ ta ni ó wà lórí ìwé?

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kékeré ń gbà forúkọ sílẹ̀ ní àjọ CAC. Èkíní ni orúkọ òwò. Ó rọrùn, kò sì wọ́n púpọ̀. Èkejì ni ilé iṣẹ́ aládàáni tí a ń fi ọ̀rọ̀ náà Límítẹ́ẹ̀dì parí orúkọ rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì, nítorí pé a lè kọ èyí tí ó bá wù wá sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Níwájú adájọ́, wọ́n jìnnà sí ara wọn.

Orúkọ òwò kì í ṣe ènìyàn ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá forúkọ òwò yá owó, ẹ̀yin gan-an ni ẹ yá a. Bí iṣẹ́ náà kò bá lè san án, ayánilówó lè pè yín lẹ́jọ́. Bí ó bá sì jàre, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ lè gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní yín tí ó ṣeé gbé, bí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amómitutù. Bí ìyẹn kò bá tó, ayánilówó lè padà tọrọ àṣẹ ilé ẹjọ́ láti dé orí ilé. Ẹ kíyèsí i pé èyí lè ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ fi ilé náà dógò rárá. Ìdógò kàn ń mú kí ọ̀nà ayánilówó kúrú ni.

Ilé iṣẹ́ Límítẹ́ẹ̀dì ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ lójú òfin. Ó lè ní dúkìá, ó lè jẹ gbèsè, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́ ní orúkọ ara rẹ̀. Ìlànà yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1897, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ oníbàtà kan tí ń jẹ́ Aron Salomon. Ó ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ilé iṣẹ́ Límítẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ náà sì wó. Ilé ẹjọ́ ní gbèsè ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe gbèsè Salomon, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti ìdílé rẹ̀ nìkan ni wọ́n ni ín. Ìlànà yìí náà ni òfin tiwa ń tẹ̀ lé. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020 tún gbà kí ẹnìkan ṣoṣo dá irú ilé iṣẹ́ aládàáni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú owó ìpín tí kò kéré sí náírà 100,000.

Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi san gbèsè àkọ́kọ́ tán, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nìyẹn: wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ṣí àkáǹtì ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé pé àwọn ta ààrò àti ẹ̀rọ tí ń po fúláwà fún ilé iṣẹ́ náà, pẹ̀lú iye owó àti ọjọ́. Láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀ bóyá ti ìyá ọmọ ni ààrò tàbí ti ilé iṣẹ́?

Irú ìpínyà yìí ní ìnáwó tirẹ̀. Ìròyìn ọdọọdún wà láti fi ránṣẹ́ sí àjọ CAC, ọ̀rọ̀ owó orí ilé iṣẹ́ sì wà láti bójú tó. Ẹni tí ó ń ta súyà ní ẹnu ọ̀nà, tí kò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, lè má nílò rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yá owó tí ó ju èyí tí ẹ lè san láti inú owó oúnjẹ lọ ni ó ń di ọ̀ranyàn.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: owó tí wọ́n bá yá yín lórí fóònù pẹ̀lú BVN yín nìkan, gbèsè ti ara yín ni, ìbáà jẹ́ pé fúláwà ni ẹ fi gbogbo rẹ̀ rà.

Kí ni a fi dógò?

Báǹkì fẹ́ràn ilé, nítorí pé ilé kì í sá lọ. Ṣùgbọ́n ilé nìkan kọ́ ni òfin gbà fún ìdógò. Láti ọdún 2017 ni òfin kan ti wà ní Nàìjíríà tí ó fàyè gbà á kí a fi ohun tí ó ṣeé gbé dógò: ẹ̀rọ, ọkọ̀, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, àti owó tí àwọn oníbàárà jẹ wá pẹ̀lú. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba wà fún un lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ayánilówó yóò kọ orúkọ ẹni tí ó yá owó síbẹ̀, yóò ṣàpèjúwe ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú nọ́mbà ara rẹ̀ bí ó bá ní. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ yáni lówó lórí ẹ̀rọ kan náà lè wò ó níbẹ̀ kí ó rí i pé ẹlòmíràn ti ṣáájú òun.

Ohun tí ó bójú mu ni pé kí ohun tí a fi owó náà rà jẹ́ ohun tí a fi dógò. Bí a bá yá owó ra ààrò, kí ààrò náà dúró fún gbèsè rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá wó, ààrò ni yóò lọ. Yóò dunni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yóò sun orí ibùsùn wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo báǹkì ni ó ń gba ẹ̀rọ. Báǹkì kejì tí ẹ̀gbọ́n mi lọ kò gbà á. Báǹkì kékeré kan tí ó ń yá oníṣẹ́ ọwọ́ lówó ni ó gbà á nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ó rán ẹnìkan wá wo ààrò náà, tí ó sì rí àkọsílẹ̀ ìtajà oṣù mẹ́fà.

Bí ó bá wá di dandan kí a fi ilé dógò ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ni ilé náà. Bí orí ilẹ̀ ẹbí ni, ẹnìkan kò ní agbára láti dá fi í dógò láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà ẹbí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì ní kí a gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí a tó fi ilẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba dógò. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Nàìjíríà fi ìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 1989 nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbólóhùn kan nínú ìwé náà. Ó máa ń sọ pé ilé yìí dúró fún gbogbo gbèsè tí ẹni yìí jẹ báǹkì yìí, ti òní àti ti ọ̀la. Gbólóhùn yìí ni ó ń da gbèsè ilé pọ̀ mọ́ ti iṣẹ́ láìjẹ́ kí a mọ̀. Ẹ lè ti san gbèsè tí ẹ tìtorí rẹ̀ fi ilé dógò tán, kí ilé náà ṣì wà nínú ìdè nítorí owó kékeré mìíràn tí ẹ yá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí báǹkì kọ iye owó gbèsè kan pàtó tí ilé náà dúró fún sínú ìwé. Nígbà tí ẹ bá sì san án tán, kí ẹ má kàn gba ìwé ilé padà kí ẹ máa lọ. Ẹ béèrè ìwé ìtúsílẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ ìdógò náà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn sísan ìkẹyìn ni ẹ̀gbọ́n mi tó rí tiwọn gbà.

Ta ni onídùúró?

Ibí yìí ni odi tí Límítẹ́ẹ̀dì mọ máa ń ní ilẹ̀kùn. Báǹkì mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ kò ní nǹkan púpọ̀. Nítorí náà, yóò ní kí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ wá ṣe onídùúró fún un. Bí ẹ bá buwọ́ lu ìwé yẹn láìsí ààlà, gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ ti di asán: gbèsè tí kì í ṣe tiyín tẹ́lẹ̀ ti padà di tiyín. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, báǹkì kò tilẹ̀ ní láti kọ́kọ́ ta ààrò kí ó tó kàn yín. Ó lè wá bá onídùúró tààrà.

Báǹkì díẹ̀ ni yóò gbà kí onídùúró má sí rárá. Ohun tí ẹ lè jà fún ni ààlà. Mẹ́ta ni agbẹjọ́rò tí ó bá ẹ̀gbọ́n mi ka ìwé wọn bá báǹkì sọ. Èkíní ni iye: ìdúró wọn kò ní kọjá 1,000,000. Èkejì ni àkókò: yóò parí pẹ̀lú ẹ̀yáwó yìí, kò ní kan èyí tí ó bá tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni ilé: wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé báǹkì kò ní torí ìdúró náà dé orí ilé tí wọ́n ń gbé. Báǹkì gba méjì àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi fa ẹ̀kẹta kí ó tó gbà á, ó sì fi owó díẹ̀ kún owó ìṣètò ẹ̀yáwó nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya wà níbí pẹ̀lú. Láti ilẹ̀ wá, obìnrin Yorùbá a máa ní òwò tirẹ̀ àti owó tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ. Ìgbéyàwó kọ́ ni ó ń mú kí ọkọ jẹ gbèsè ìyàwó, tàbí kí ìyàwó jẹ ti ọkọ; ìbuwọ́lùwé ni. Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe onídùúró lọ́dún 2022, owó oṣù rẹ̀, tí ó jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ilé ìbá gbára lé bí búrẹ́dì bá kùtà, bọ́ sínú ewu kan náà. Lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò mú un dé báǹkì. Kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́. Bí igi kan bá wó, kí òmíràn lè ṣì wà ní ìdúró.

Owó tí ń gba àárín ilé àti iṣẹ́ kọjá

Ìwé lè dára kí ìwà bà á jẹ́. Bí a bá ń fi àkáǹtì ilé iṣẹ́ ra ẹran ọbẹ̀, tí a ń fi owó ilé ra dísẹ̀lì, tí kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan, ayánilówó lè sọ fún ilé ẹjọ́ pé ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe ẹni ọ̀tọ̀ rárá, pé aṣọ tí onílé fi bojú ni. Òfin tún sọ pé bí ilé iṣẹ́ bá yá owó fún ohun kan pàtó, tí àwọn olùdarí rẹ̀ sì mọ̀ọ́mọ̀ fi èrò jìbìtì lò ó fún ohun mìíràn, àwọn fúnra wọn ni yóò san án. Ẹni tí ó bá yá owó ààrò tí ó fi ṣe ìnáwó òkú ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó odi ilé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìlànà méjì sọ́ra. Àkọ́kọ́ ni pé ilé iṣẹ́ ń san owó oṣù fún wọn, 120,000, ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Bí kò bá tó wọn, ilé ni kò tó, kì í ṣe fúláwà ni wọn yóò mú. Èkejì ni pé bí ilé bá fi owó ran iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ń kọ ọ́ sí ìwé bí ẹ̀yáwó: iye rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, ìgbà tí yóò padà. Wọ́n fi 80,000 ran iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà kan tí ẹ̀rọ amúnáwá bàjẹ́, wọ́n sì gbà á padà ní oṣù méjì. Ìwé náà ṣì wà nínú fáìlì.

Owó ilé ìwé wá ńkọ́? Wọ́n ti wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Wọ́n ń dá owó níbẹ̀ láti inú owó oṣù wọn, ẹgbẹ́ náà sì ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tí ó bá ní nílẹ̀. Ẹ̀yáwó ara ẹni ni ìyẹn, ti ilé pátápátá, owó oṣù ni wọ́n sì fi ń san án. Kò mọ ààrò, ààrò kò sì mọ̀ ọ́n.

Bí oṣù burúkú bá tún dé

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò dán odi yìí wò. Ilé iṣẹ́ yá 3,000,000 fún ààrò kejì, ní èlé kan náà bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo gbèsè jẹ́ 4,080,000, wọn yóò sì máa san 340,000 lóṣù. Ká ní ilé iṣẹ́ san oṣù márùn-ún, èyí tí ó jẹ́ 1,700,000, kí ọjà tó dojú dé pátápátá. Bí a bá ka gbogbo èlé mọ́ ọn, 2,380,000 ni ó kù. Báǹkì gbé ààrò náà, ó tà á ní 1,100,000. Ó ku 1,280,000.

Bí ó bá jẹ́ ìwé ti ọdún 2022 ni, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò san gbogbo rẹ̀, báǹkì yóò sì tún yọ owó lọ́wọ́ wọn nínú àkáǹtì yòówù kí ó ní BVN wọn, ìwé ilé yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi tán. Ọkọ wọn náà yóò wà nínú rẹ̀. Pẹ̀lú ìwé tuntun, 1,000,000 ni báǹkì lè bi wọ́n, kì í ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lè tìtorí rẹ̀ fọwọ́ kan ilé. 280,000 tí ó kù jẹ́ gbèsè ilé iṣẹ́, báǹkì yóò sì máa wá a lára ohun tí ó bá kù nínú ilé iṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mílíọ̀nù kan jẹ́ owó kékeré. Ó lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, ó sì lè gba àjẹṣẹ́kù ọdún mẹ́ta. Ìpínyà kì í mú àdánù kúrò. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí a mọ iye tí àdánù náà yóò jẹ́ kí a tó buwọ́ lu ìwé, nígbà tí a ṣì lè kọ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀nà láti sá fún gbèsè. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti tọ́jú àkọsílẹ̀ bí ẹnìkọ̀ọ̀kan àti ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń san owó, àwọn báǹkì sì ń wò ó kí wọ́n tó yáni lówó. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Àǹfààní ìpínyà níbí ni pé ilé iṣẹ́ ń ní orúkọ rere tirẹ̀. Bí ó bá san ẹ̀yáwó àkọ́kọ́ pé, ó lè ní agbára ní ìgbà kejì láti ní kí a dín ìdúró onílé kù.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí wọ́n bá gbé ìwé ẹ̀yáwó síwájú yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ ṣí ojú ewé tí iye owó wà. Ẹ wo orúkọ tí ó wà níbi tí wọ́n kọ ẹni tí ó yá owó. Ẹ wo àkáǹtì tí wọ́n fẹ́ san owó náà sí, kí ó bá orúkọ yẹn mu. Ẹ wá ohun ìdógò, kí ẹ sì kà á bóyá gbèsè kan ni ó dúró fún tàbí gbogbo gbèsè. Ẹ wá ìwé onídùúró, kí ẹ wò ó bóyá iye owó wà níbẹ̀ tàbí wọ́n fi í sílẹ̀ láìní òpin. Ẹ béèrè èyí tí ó fún báǹkì láṣẹ lórí àwọn àkáǹtì yín mìíràn. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ń tọ́ka sí ilé yín, ẹ gbé ìwé náà lọ sílé, kí agbẹjọ́rò kà á. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi san fún agbẹjọ́rò tiwọn jẹ́ 50,000, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi owó ilé iṣẹ́ tuntun náà san.